Àjẹsára fún Gbèsè Ọdún Márùn-ún

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin akápò àti akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa owó tí ẹgbẹ́ ti ṣèlérí pé òun máa san lọ́jọ́ iwájú, tí iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ kò sì ní yẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Òun la ó máa bá rìn títí n óò fi jókòó.

Ká ní ẹgbẹ́ kan ti fọwọ́ síwèé pé lẹ́yìn ọdún 5 gééré, àwọn máa san ₦100 mílíọ̀nù fún ẹni tó ta ilé fún wọn. Kò ní lé, kò ní dín. Ká tún ní èlé tí bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ ń mú wá lónìí jẹ́ 15% lọ́dún, yálà owó náà máa pẹ́ níbẹ̀ tàbí kò ní pẹ́. Èló ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀ lónìí, ibo ni kí wọ́n sì fi sí?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn. Owó tó bá ń lé 15% lọ́dún, tí èlé rẹ̀ náà sì ń bí èlé, ₦1 rẹ̀ á di ₦2.01 lẹ́yìn ọdún 5. Nítorí náà:

```
100 / 1.15^5 = 49.72
```

₦49.72 mílíọ̀nù ni iye tòní gbèsè yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn máa ń dúró níbẹ̀. Wọ́n á ya ₦49.72 mílíọ̀nù sọ́tọ̀, wọ́n á ní gbèsè ti bọ́ lọ́rùn àwọn. Kò tíì bọ́. Ìbéèrè kejì ló ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbà, torí pé ó jọ ọ̀nà ẹni tó ń ṣọ́ra. Wọ́n á kó gbogbo owó náà sínú tírẹ́sírì bíìlì ọjọ́ 364. Bó bá dé, wọ́n á tún un fi sí i, bẹ́ẹ̀ títí ọdún 5 á fi pé. Ìjọba ló jẹ gbèsè náà, ó máa san, ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀la ni èlé já sí 12%, tó sì dúró síbẹ̀. Ọdún kìíní á ṣì mú 15% wá, torí pé a ti rà á. Ọdún 4 tó kù á máa mú 12% wá. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dópin, ₦89.97 mílíọ̀nù ni ẹ máa rí lọ́jọ́ ìsanwó. ₦10 mílíọ̀nù ti di àwátì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò jalè, ìjọba ò sì kọ̀ láti san kọ́bọ̀ kan.

Mi ò fi àlá kọ́ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, nǹkan bíi 15% ni wọ́n ń ta bíìlì ọjọ́ 364 ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn aráàlú àti ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe báńkì, tó fi mọ́ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, yéé ra ìwé OMO tí báńkì náà fúnra rẹ̀ ń tà. Owó rẹpẹtẹ tí kò mọ ibi tó máa gbà mọ́ ya lọ sórí tírẹ́sírì bíìlì. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 2020, bíìlì ọjọ́ 364 kan náà kò mú tó 1% wá mọ́. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn wà lára àwọn tó ti ṣèlérí owó ọlọ́dún gígùn fún oníbàárà, tó sì kó owó rẹ̀ sínú bíìlì. Mo rántí àwọn ìpàdé tá a ṣe lóṣù yẹn dáadáa. Kò sí ẹni tó ṣe jìbìtì nínú wa. Gígùn owó wa àti gígùn ìlérí wa ni kò bára mu.

Ẹlòmíràn á ní, ó dáa, ká lọ sí ìkángun kejì nígbà náà, ká ra bọ́ǹdì ọdún 20. Bọ́ǹdì yẹn máa ń san èlé lọ́dọọdún, ó sì máa ń dá ojú owó padà lẹ́yìn ọdún 20. (Ní tòótọ́, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni bọ́ǹdì ìjọba wa ń san èlé. Mo fi í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ìṣirò lè rọ̀ wá lọ́rùn, ìlànà rẹ̀ kò yàtọ̀.) Bí èlé bá wálẹ̀, ẹ ti borí, torí pé 15% tiyín kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí èlé bá gòkè sí 18% lọ́la ńkọ́? Kò sí ẹni tó máa ra bọ́ǹdì tó ń san 15% ní iye tí ẹ rà á. ₦100 rẹ̀ á di nǹkan bíi ₦84. Ohun ìní yín á jẹ́ ₦41.73 mílíọ̀nù, iye tòní gbèsè yín ní 18% á sì jẹ́ ₦43.71 mílíọ̀nù. Ẹ ti ṣáko ní nǹkan bíi ₦2 mílíọ̀nù, tó máa di ₦4.5 mílíọ̀nù lọ́jọ́ ìsanwó. Àwọn tó ra bọ́ǹdì gígùn ní 2020 àti 2021 mọ ohun tí mò ń sọ: láti oṣù karùn-ún 2022 títí di oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ láti 11.5% lọ sí 27.5%.

Ẹ wá kíyè sí i. Owó kúkúrú ń pa wá lára bí èlé bá wálẹ̀, owó gígùn ń pa wá lára bó bá gòkè. Ìpalára méjèèjì dojú kọ ara wọn. Tí a bá lè wọ̀n wọ́n kí wọ́n dọ́gba, ọ̀kan á máa pa èkejì rẹ́. Ohun tí ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Frank Redington, kọ síwèé ní 1952 nìyẹn. Iṣẹ́ ìṣirò ewu ló ń ṣe nílé-iṣẹ́ abánigbófò Prudential ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ tó fún ọgbọ́n náà ni mo fẹ́ràn jù: ó pè é ní àjẹsára, irú èyí tí a ń fún ọmọ ọwọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í lé àrùn kúrò nílùú. Ara ọmọ ló ń múra sílẹ̀ dè é. Bákan náà, ọgbọ́n yìí kò ní kí èlé má yí padà, kò sì béèrè pé kí ẹ mọ ibi tó máa yí sí.

Àmọ́ a nílò ohun tí a ó fi wọn gígùn owó. Frederick Macaulay ló gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1938. Dùréṣọ̀n ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Èmi á máa pè é ní ọdún àárín.

Ẹ fojú inú wo pákó gígùn kan tí a fi ọdún 1 dé 10 sàmì sí lára. Bọ́ǹdì ọdún 10 tó ń san 15% á san ₦15 lọ́dọọdún lórí ₦100, á sì san ₦115 lọ́dún kẹwàá. Ẹ gbé ẹrù kan lé orí àmì ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ìwúwo ẹrù náà jẹ́ iye tòní owó tó máa wọlé lọ́dún yẹn. Ti ọdún kìíní á wúwo tó ₦13.04, ti ọdún kejì ₦11.34, wọ́n á máa fúyẹ́ bọ̀ títí di ti ọdún kẹwàá, tó wúwo jù lọ torí pé ojú owó wà nínú rẹ̀: ₦28.43. Ibo ni a máa fi ìtì igi sí lábẹ́ pákó náà tí kò fi ní tẹ̀ sápá kan? Ẹ fi ọdún kọ̀ọ̀kan sọ ìwúwo rẹ̀ di púpọ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi ₦100 pín in. Ó máa bọ́ sí ọdún 5.77. Ọdún àárín bọ́ǹdì ọdún 10 nìyẹn. Ti ọdún 20 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò ju 7.2 lọ, torí pé nígbà tí èlé bá ga tó báyìí, owó tó jìnnà kì í wúwo mọ́. Ẹ má ṣe fi ọdún tó wà lójú ìwé bọ́ǹdì wọn gígùn rẹ̀. Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn máa ń ṣìnà jù nìyẹn.

Ti bíìlì ọjọ́ 364 rọrùn, ẹrù kan ṣoṣo ló wà lórí pákó rẹ̀: ọdún 1. Gbèsè tiwa náà, ẹrù kan ṣoṣo ni: ọdún 5. Ohun tí à ń wá nìyí: ká da bíìlì àti bọ́ǹdì ọdún 10 pọ̀ kí ọdún àárín wọn jẹ́ 5, kí àpapọ̀ iye wọn sì jẹ́ ₦49.72 mílíọ̀nù.

Láti 1 dé 5 jẹ́ ìrìn 4. Láti 1 dé 5.77, ìyẹn 5.7716 tí a kò bá gé e kúrú, jẹ́ ìrìn 4.7716. Ẹ fi 4.7716 pín 4, ìpín tó máa lọ sínú bọ́ǹdì nìyẹn, 83.83%. Ìyẹn ₦41.68 mílíọ̀nù sínú bọ́ǹdì, ₦8.04 mílíọ̀nù sínú bíìlì.

Ó yá, ká dán an wò. Ká ní ọjọ́ kejì tí a rà á tán ni èlé já sí 12%. A kò ta nǹkan kan, èlé tó bá wọlé nìkan là ń tún fi ṣòwò ní 12%. Bíìlì wa máa tó ₦14.55 mílíọ̀nù lọ́dún karùn-ún. Èlé bọ́ǹdì tá a kó jọ fún ọdún 5 máa tó ₦39.72 mílíọ̀nù. Bọ́ǹdì fúnra rẹ̀ ṣì ku ọdún 5, ó ń san 15% nínú ọjà tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gba 12%, nítorí náà a máa tà á ní ₦46.19 mílíọ̀nù. Àpapọ̀: ₦100.45 mílíọ̀nù.

Ká ní ó gòkè sí 18% dípò bẹ́ẹ̀. Bíìlì á di ₦17.92 mílíọ̀nù, èlé tá a kó jọ á di ₦44.73 mílíọ̀nù, bọ́ǹdì á wálẹ̀ sí ₦37.77 mílíọ̀nù. Àpapọ̀: ₦100.42 mílíọ̀nù.

Tí èlé kò bá yí padà rárá, ₦100 mílíọ̀nù géérégé ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba ara wọn sílẹ̀. Ní 12%, owó tí à ń tún fi ṣòwò pàdánù ₦4.06 mílíọ̀nù sí iye tí à bá rí, bọ́ǹdì sì jèrè ₦4.51 mílíọ̀nù. Ní 18%, owó tí à ń tún fi ṣòwò jèrè ₦4.33 mílíọ̀nù, bọ́ǹdì sì pàdánù ₦3.91 mílíọ̀nù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ìṣirò yìí lórí bébà, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ibo ni àṣẹ́kù nǹkan bíi ₦400,000 yẹn ti wá? Ó wá látinú ohun kẹta tí Redington béèrè. Kì í ṣe pé kí iye tòní dọ́gba kí ọdún àárín sì dọ́gba nìkan. Ó tún ní kí owó tó ń wọlé tàn kálẹ̀ ju ọjọ́ tí gbèsè máa jáde lọ. Tiwa tàn kálẹ̀: ó wọlé láti ọdún 1 dé ọdún 10, nígbà tí gbèsè dúró lójú kan ní ọdún 5. Ohun tó bá tàn kálẹ̀ báyìí, bí èlé bá wálẹ̀, iye rẹ̀ máa ń gòkè ju ti gbèsè lọ díẹ̀. Bí èlé bá sì gòkè, kì í wálẹ̀ tó ti gbèsè.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ₦400,000 yẹn wọ̀ yín lójú. Kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ewu kan ni. Gbogbo ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀, mo kà á sí pé bí èlé bá yí, gbogbo rẹ̀ ló yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti ọdún 1, ti ọdún 5, ti ọdún 10. Ọjà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ti ọdún 1 àti ti ọdún 5 dúró sí 15%, àmọ́ tí ti ọdún 10 nìkan gòkè sí 16%, bóyá torí pé ìjọba gbé bọ́ǹdì gígùn tó pọ̀ jáde lóṣù yẹn. Gbèsè wa ṣì jẹ́ ₦49.72 mílíọ̀nù. Bọ́ǹdì wa ti wálẹ̀ sí ₦39.66 mílíọ̀nù. Tí a bá fi bíìlì kún un, ₦47.70 mílíọ̀nù la ní. Ó ti ju ₦2 mílíọ̀nù tó ṣáko, bẹ́ẹ̀ ọdún àárín àti iye tòní dọ́gba pátápátá lọ́jọ́ tá a rà á.

Oògùn èyí ni pé kí ẹ má jẹ́ kí owó jìnnà sí ọjọ́ gbèsè jù. Tí ẹ bá rí bọ́ǹdì tó ku ọdún 7 àti èyí tó ku ọdún 8, tí àwọn méjèèjì ń san 15%, ọdún àárín ti àkọ́kọ́ jẹ́ 4.78, ti èkejì jẹ́ 5.16. Ẹ fi ₦21.22 mílíọ̀nù sínú ọlọ́dún 7, ₦28.50 mílíọ̀nù sínú ọlọ́dún 8, ó di ọdún 5 gééré. Èlé ọdún 7 àti ọdún 8 kì í sábà ya ti ọdún 5 nípá bíi ti ọdún 10 àti ọjọ́ 364. Àṣẹ́kù yín á kéré sí i, ṣùgbọ́n ẹ máa sùn dáadáa. Tó bá jẹ́ èmi ni akápò, èyí ni mo máa rà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ṣe pàtàkì gan-an: ọjọ́ ń lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, gbèsè ku ọdún 4, ọdún àárín rẹ̀ ti dín ní 1 gééré. Bọ́ǹdì ọdún 10 ti di ti ọdún 9, àmọ́ ọdún àárín rẹ̀ kò dín ju láti 5.77 sí 5.49 lọ. Wọn kì í rìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ká padà sí ẹgbẹ́ wa tó ra bíìlì àti bọ́ǹdì ọdún 10, ká sì ní èlé kò yí padà rárá lọ́dún náà. Bíìlì ti dé, ó mú ₦9.25 mílíọ̀nù wá. Èlé bọ́ǹdì jẹ́ ₦6.25 mílíọ̀nù. Ká ní akápò kàn kó ₦15.5 mílíọ̀nù náà padà sínú bíìlì tuntun, tó sì lọ sinmi. Ọdún àárín gbogbo ohun ìní rẹ̀ á jẹ́ 4.27, ti gbèsè jẹ́ 4. Ó ti gùn jù. Bí èlé bá gòkè báyìí, ó máa fara gbá a.

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó tún ìwọ̀n náà ṣe. Gbèsè jẹ́ ₦57.18 mílíọ̀nù ní iye ọjọ́ yẹn. Láti 1 dé 4 jẹ́ ìrìn 3, láti 1 dé 5.4873 jẹ́ 4.4873, torí náà ìpín bọ́ǹdì jẹ́ 66.86%, ìyẹn ₦38.22 mílíọ̀nù. Kó ta ₦3.45 mílíọ̀nù lára bọ́ǹdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi kún owó tó wọlé, kó ra bíìlì ₦18.95 mílíọ̀nù. Ó ti dọ́gba. Títà àti rírà yìí ń ná èèyàn lówó, torí pé iye tí alágbàtà á fi rà á lọ́wọ́ yín kì í ṣe iye tó máa fi tà á fún yín. Nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ ojoojúmọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, nígbà tí èlé bọ́ǹdì bá wọlé, tó fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ yòówù tí èlé ọjà bá fò sókè tàbí sísàlẹ̀ lójijì.

Báwo ni akápò ṣe máa mọ̀ pé ìwọ̀n ti ń yẹ̀? Kó ṣí ìwé ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, kó ṣírò iye ohun ìní àti iye gbèsè ní èlé ọjọ́ náà, kó tún ṣírò wọn bí ẹni pé èlé fi 1% gòkè, kó sì tún un ṣe bí ẹni pé ó fi 1% wálẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà mẹ́ta, ohun ìní kò gbọ́dọ̀ kéré sí gbèsè. Tó bá kéré lápá kan, tó sì lé lápá kejì, ọdún àárín ti yẹ̀. Tó bá kéré ní gbogbo ọ̀nà mẹ́ta, kì í ṣe ọdún àárín ni, owó ni kò tó, ẹ lọ wá owó kún un.

Ẹ tún ṣọ́ra lórí bíìlì. Èlé iwájú ni wọ́n ń kéde. Bí wọ́n bá ní 13% ni bíìlì ọjọ́ 364, nǹkan bíi ₦87.04 lẹ máa san fún ₦100. ₦12.96 tẹ́ ẹ jèrè, lórí ₦87.04 ni, kì í ṣe lórí ₦100. Èrè yín gan-an jẹ́ nǹkan bíi 14.9%. Ẹ má ṣe fi 13% yẹn wé èlé bọ́ǹdì.

Àjẹsára yìí ní àrùn tí kò lè dá dúró. Tí ẹni tó ta ilé bá lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó rẹ̀ ṣáájú, gbèsè náà kò ní ọjọ́ kan pàtó mọ́. Tí iye owó náà bá ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́ngógó ọjà, bọ́ǹdì tí èlé rẹ̀ kì í yí padà kò lè bá a dọ́gba. Tí ẹni tó gbé bọ́ǹdì jáde kò bá sì lè san, kò sí ìṣirò tó máa gba yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá yáwó kó lè fi mú owó rẹ̀ gùn. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ọ̀pọ̀ àpò owó ìfẹ̀yìntì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lo àdéhùn yíyáwó láti mú gígùn owó wọn bá ti gbèsè wọn mu. Lórí bébà, ìwọ̀n wọn dọ́gba. Nígbà tí èlé bọ́ǹdì ìjọba wọn gòkè lójijì, gbèsè wọn náà dínkù, ṣùgbọ́n àwọn tó yá wọn lówó ní kí wọ́n mú owó ìdúró wá lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta bọ́ǹdì láti rí owó náà, títà yẹn tún ń já iye bọ́ǹdì sílẹ̀, títí Báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wọlé láti máa rà á ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá yáwó, tó fi owó ara rẹ̀ ra bọ́ǹdì, kò sí ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn yín lọ́jọ́ tí iye bọ́ǹdì bá já.

Mo ti kọ iye gbogbo àpẹẹrẹ yìí sójú pátákó. Ẹni tó bá mú kọ̀ǹpútà wá, kó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ₦13.04 ọdún kìíní.